Ojú tó ń ṣẹ́ àbí wárápá, lórí ìlà EEG

*Mo rí ìgbì ńlá mẹ́ta léraléra ní Fp1 àti Fp2, níwájú orí ọmọ kan, lórí EEG tó ń ya iná ọpọlọ. Ṣé ojú ló ń ṣẹ́ ni, àbí ṣóńṣó-àti-ìgbì wárápá?*

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn orí, O1 àti O2. Bí ìgbì náà bá kéré sí i ní F3 àti F4, tó sì ti tán kó tó dé ẹ̀yìn, ojú ló ń ṣẹ́. Iwájú ẹyinjú ní iná pọ́sítíìfù. Bí ọmọ bá ṣẹ́jú, ẹyinjú á yí sókè díẹ̀, ìlà Fp1 àti Fp2 á sì já sílẹ̀, torí pé ìsàlẹ̀ ni pọ́sítíìfù lórí EEG. Kò ní ṣóńṣó tó ṣáájú ìgbì náà.

Ti wárápá tí ọmọ fi ń ranjú láìdáhùn máa ń hàn káàkiri orí lẹ́ẹ̀kan náà: ṣóńṣó, ìgbì, ṣóńṣó, ìgbì, ní bíi 3 Hz. Ó ń bẹ̀rẹ̀ lójijì, ó sì ń dúró lójijì.

Ohun tó ń tanni jẹ ni pé ìpéǹpéjú lè máa gbọ̀n nígbà tí wárápá yìí bá mú ọmọ, nítorí náà ẹ má tìtorí pé ó ń ṣẹ́jú yọ wárápá kúrò. Tó bá ṣì rú yín lójú, ẹ ní kí wọ́n lẹ wáyà kan sábẹ́ ojú, kí wọ́n fi etí ṣe ìfiwéra. Bí ìlà rẹ̀ bá ń lọ sókè nígbà tí Fp1 ń lọ sílẹ̀, ojú ni.