Ọjọ́ Jímọ̀ Kọ́ Ni Iye Wákàtí Iṣẹ́ Rẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ilé-iṣẹ́ kan ní Wuse fún mi ní iṣẹ́ ìdánwò pé kí n lọ ṣe é nílé, kí n sì fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Mi ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ Ajé. Ṣé wọ́n máa ń sanwó irú iṣẹ́ yìí? Ẹ̀rù ń bà mí láti béèrè, kí wọ́n má baà ní owó ni mo wá. (Láti Kubwa)

Ìdáhùn: Lọ sùn ná, àbúrò mi. Ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n á ti ilẹ̀kùn ni. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kó o fi gbogbo ọjọ́ yẹn ṣiṣẹ́. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ nítorí o lè ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, iná sì lè má sí. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀, nínú àwọn tí èmi ti bá ilé-iṣẹ́ ṣètò, wákàtí méjì sí mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ̀bi wa ni pé a kì í kọ wákàtí yẹn sínú lẹ́tà.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń kọ́ ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí lórí Wásáàpù pé ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ ti ba tiẹ̀ jẹ́. Irọ́ ni. Mo bá àjọ kan wá ẹni tó máa kọ ìròyìn iṣẹ́ wọn. A fún àwọn márùn-ún ní tábílì kékeré kan tó ní iye aláìsàn ilé ìwòsàn mẹ́ta: 412, 385 àti 290. Lábẹ́ rẹ̀ la kọ àpapọ̀ 1,187 sí. A ní kí wọ́n kọ ojú ìwé méjì tí alága kánsù lè kà kó sì yé e. Wákàtí mẹ́ta la fọkàn sí, ọjọ́ mẹ́rin la fún wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ojú ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ránṣẹ́, àwòrán aláràbarà lóríṣiríṣi. Ó ti gbé 1,187 sínú àwòrán kan bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin kan láti Nyanya ti kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ tí iṣẹ́ dé ọwọ́ rẹ̀: wákàtí mélòó ni ẹ ń retí, kí lẹ máa fún ní máàkì? Mo dá a lóhùn, mo sì fi ìdáhùn kan náà ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́rin yòókù kó má baà di ojúsàájú. Ojú ìwé kan àtààbọ̀ lòun kọ. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ sọ pé àpapọ̀ yẹn kò bára mu, pé 1,087 ló yẹ kó jẹ́. Àwa la mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe yẹn síbẹ̀. Kò sí máàkì kankan fún iye ojú ìwé. Òun ló gba iṣẹ́ náà.

Ní ti owó: iṣẹ́ wákàtí díẹ̀, wọn kì í sábà sanwó rẹ̀, mi ò sì rí i bí ìrẹ́jẹ. Tó bá máa gbà ọ́ tó odindi ọjọ́ kan, béèrè owó, àwọn kan máa ń san iye kan pàtó yálà wọ́n gbà ọ́ tàbí wọn ò gbà ọ́. Àmọ́ kó o tó bẹ̀rẹ̀ ni kó o béèrè o, torí ẹni tó bá ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ tán kò ní agbára ìdúnàádúrà mọ́. Bí orúkọ oníbàárà wọn gidi bá wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ ìpolówó oṣù tó ń bọ̀, tí wọ́n sì ń béèrè fáìlì tí wọ́n lè tún ṣe, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń gbé fún ọ, kì í ṣe ìdánwò. Òfin Nàìjíríà ti 2022 lórí iṣẹ́ ọpọlọ sọ pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ni ín, kò sì lè gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíì láìsí àkọsílẹ̀. Nítorí náà, ka ohunkóhun tí wọ́n bá ní kó o fọwọ́ sí. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, lọ bá lọ́yà. Tó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n ní kó o sanwó kó o tó ṣe ìdánwò, má dá wọn lóhùn mọ́.

Láàárọ̀ yìí, kọ ímeèlì kúkúrú sí ẹni tó fún ọ níṣẹ́ náà. Béèrè iye wákàtí tí wọ́n ń retí, ohun tí wọ́n máa wò, ohun tí wọ́n máa fi iṣẹ́ náà ṣe, lẹ́yìn náà kó o wá fi gbólóhùn kan béèrè bóyá owó wà níbẹ̀. Má bẹ̀bẹ̀, má ṣàlàyé púpọ̀. Tí wọn ò bá dáhùn, fi iṣẹ́ náà mọ sí wákàtí mẹ́rin, kó o sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé ibí lo bá a dé láàárín wákàtí mẹ́rin, àti ohun tó o máa fi kún un tí àyè bá wà sí i.