Abúlé méjì, òǹkà Jínì kan ṣoṣo: ibi tí ojú òǹkà náà kò tó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà ní ọdún kejì nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé. Wọ́n fún wa ní owó oṣù ènìyàn márùn-ún láti abúlé méjì. Ní abúlé kìíní, ènìyàn mẹ́rin ń gba ₦75,000, ẹnì kan ń gba ₦200,000. Ní abúlé kejì, ènìyàn mẹ́rin ń gba ₦125,000, ẹnì kan kò rí kọ́bọ̀. Òǹkà Jínì, tí a fi ń wọn àìdọ́gba owó láti òdo títí dé 1, jáde ní 0.20 fún méjèèjì, mo sì kọ ọ́ pé àìdọ́gba wọn kò yàtọ̀ síra. Olùkọ́ wa fi gègé pupa fa ìlà sí i. Ṣé mo ṣi ìṣirò ṣe ni? Kí ló yẹ kí n kọ?

Ìdáhùn: Ìṣirò yín tọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fà yọ láti inú rẹ̀ ni kò tọ́, ó sì yẹ kí a wo ibi tí àṣìṣe náà ti wọlé, nítorí pé inú ọ̀nà tí Corrado Gini, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, gbà gbé òǹkà yìí kalẹ̀ ní 1912 gan-an ló wà.

Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn ará abúlé kìíní ní méjì-méjì, kí a sì fi owó ẹnì kìíní wé ti ẹnì kejì. Ènìyàn márùn-ún yóò fún wa ní ìfiwéra mẹ́wàá. Mẹ́fà nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tí owó wọn dọ́gba, nítorí náà òdo ni ìyàtọ̀ wọn. Mẹ́rin tó kù jẹ́ ti olówó ibẹ̀ pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ ₦125,000 lẹ́ẹ̀mẹrin, èyí tó di ₦500,000. A ó wá sọ iye ènìyàn di púpọ̀ pẹ̀lú àpapọ̀ owó abúlé, a ó sì fi èsì rẹ̀ pín iye yìí:

```
500000 / (5 * 500000) = 0.20
```

Bí ẹ bá ṣe bákan náà fún abúlé kejì, ẹ ó tún rí òdo mẹ́fà àti ₦125,000 mẹ́rin, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ẹni tí kò rí kọ́bọ̀ ni a ń fi wé àwọn mẹ́rin tó kù. Ohun tí òǹkà Jínì ń bèèrè kò ju bí ìyàtọ̀ àárín ènìyàn méjì ṣe fẹ̀ tó ní ìpíndọ́gba, bí a bá fi wé owó tó wà nílẹ̀. Kò bèèrè bóyá òkè ni ìyàtọ̀ náà wà tàbí ìsàlẹ̀. Ẹnì kan tó lówó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àti ẹnì kan tí kò ní ohun tí yóò fi ra gààrí lálẹ́, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀. Nínú gbogbo ibi tí ojú òǹkà yìí kò tó, èyí ni mo kà sí èyí tó burú jù, nítorí pé ẹni tí ebi ń pa ni ó ń bò mọ́lẹ̀.

Ìlà Lọ́rẹ́ńsì, tí Max Lorenz ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1905, yóò fi hàn yín. Ẹ to àwọn ènìyàn láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, kí ẹ sì máa ro ìpín wọn pọ̀ bí ẹ ti ń gòkè. Nínú gbogbo ₦100 tó wọ abúlé kìíní, ẹni àkọ́kọ́ mú ₦15, ẹni méjì àkọ́kọ́ mú ₦30, ẹni mẹ́ta ₦45, ẹni mẹ́rin ₦60, kí ẹnì karùn-ún tó mú un dé ₦100. Ní abúlé kejì, ó lọ báyìí: òdo, ₦25, ₦50, ₦75, ₦100. Níbi ẹni méjì àkọ́kọ́, ìlà abúlé kìíní ló wà lókè, nítorí pé ₦30 ju ₦25 lọ. Nígbà tí a bá fi dé ẹnì kẹta, ìlà abúlé kejì ti kọjá rẹ̀, ₦50 sí ₦45. Ìlà méjèèjì gé ara wọn kọjá. Ààyè tó wà láàrin ìlà Lọ́rẹ́ńsì àti ìlà ìdọ́gba, ìyẹn ìlà tí à bá rí bí owó gbogbo ènìyàn bá dọ́gba, ni òǹkà Jínì ń wọ̀n, nítorí náà ohun tí abúlé kejì pàdánù nísàlẹ̀ ni ó gbà padà lókè, tí òǹkà méjèèjì fi wá ṣe déédéé.

Nígbà tí ìlà méjì kò bá gé ara wọn, ẹ lè sọ láìṣiyèméjì pé èyí tó sún mọ́ ìlà ìdọ́gba ni àìdọ́gba rẹ̀ kéré. Nígbà tí wọ́n bá gé ara wọn, òǹkà Jínì nìkan kò lè dájọ́. Anthony Atkinson, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Bìrìtìkó, ṣàlàyé ní 1970 pé ìdájọ́ náà wà lọ́wọ́ bí a ṣe ka ìyà ẹni ìsàlẹ̀ sí tó, ó sì yẹ kí ẹni tó ń ṣe ìṣirò sọ èyí jáde ní gbangba.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ kọ rèé: “Òǹkà Jínì abúlé méjèèjì jẹ́ 0.20, ṣùgbọ́n ìlà Lọ́rẹ́ńsì wọn gé ara wọn. Ìdá kan nínú márùn-ún tí owó rẹ̀ kéré jù gba ₦15 nínú ₦100 ní abúlé kìíní, kò sì gba nǹkan kan ní abúlé kejì. Ìdá kan nínú márùn-ún tí owó rẹ̀ pọ̀ jù gba ₦40 ní abúlé kìíní àti ₦25 ní abúlé kejì.” Lẹ́yìn èyí, ẹ lè wá sọ èyí tí ẹ kà sí èyí tó burú jù àti ìdí rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu, bí wọ́n bá fún yín ní abúlé kẹta tí ẹnì kan ti kó gbogbo owó, pé 0.80 ni yóò jáde, kì í ṣe 1. Ènìyàn márùn-ún kéré jù fún òǹkà náà láti dé òpin rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá kúrò lórí iṣẹ́ àṣetiléwá tí ẹ bọ́ sórí ìṣirò orílẹ̀-èdè, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí wọ́n wọ̀n. Òǹkà Nàìjíríà láti inú ìwádìí ọdún 2018 sí 2019 jẹ́ nǹkan bíi 0.35, ti Bùràsíl ní 2019 sì ju 0.50 lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sáré yóò kọ ọ́ pé Nàìjíríà dọ́gba ju Bùràsíl lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ìdílé ń ná ni wọ́n wọ̀n ní Nàìjíríà, owó tó ń wọlé ni wọ́n wọ̀n ní Bùràsíl. Olówó kì í ná gbogbo owó rẹ̀ tán, tálákà a sì máa yá owó tàbí gba ìrànwọ́ kí ó tó jẹun, nítorí náà àìdọ́gba ìnáwó sábà máa ń kéré sí ti owó tó ń wọlé. Òǹkà méjì yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Bákan náà, ìnáwó gbogbo ilé ni irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ máa ń gbà sílẹ̀, tí a ó sì pín in dọ́gba fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Bí ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà bá ná ₦120,000, ₦20,000 ni a ó kọ sí orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń jẹ èyí tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti jẹun tán. Ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ tábìlì yín bóyá owó tó ń wọlé ni tàbí ìnáwó, bóyá ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ni tàbí ti ilé tí a pín dọ́gba, kí ẹni tó bá kà á lè mọ ohun tí òǹkà náà rí àti ohun tí kò rí.