Aṣọ mélòó ni ẹ máa tà kí ojú owó yín tó pé?

"Ẹ̀yin àgbà ọjà, ẹ jọ̀ọ́. Ayàwòrán gba ₦45,000 lọ́wọ́ mi fún àwòrán tí mo fẹ́ tẹ̀ sára tíṣáàtì funfun fún àpèjọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wa. Aṣọ lásán jẹ́ ₦3,800, owó títẹ̀ jẹ́ ₦700, màá sì tà á ní ₦6,500. Ọ̀rẹ́ mi ní tí mo bá ti ta 7, owó ayàwòrán ti wọlé, èrè ni gbogbo ìyókù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Rárá o, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí iye tí ẹ kọ yìí, 23 ni. Ẹ ò sì tíì ka gbogbo owó tó máa jáde lápò yín.

Ọ̀rẹ́ yín fi iye tí ẹ máa ta aṣọ pín owó ayàwòrán. Tí ẹ bá ta 7, ₦45,500 á wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ 7 yẹn ò já bọ́ láti ojú ọ̀run. ₦4,500 lẹ ná lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦31,500. Bí ẹ bá fi kún ₦45,000 ti ayàwòrán, ó di ₦76,500. Ẹ yọ ₦45,500 tó wọlé kúrò níbẹ̀, ẹ máa rí i pé ₦31,000 ṣì wà níta.

Bí ẹ ṣe máa rò ó nìyí: nínú ₦6,500 tí oníbàárà bá fà lé yín lọ́wọ́, ₦4,500 kì í ṣe tiyín. Ẹ kàn ń bá ẹni tó ta aṣọ lásán àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mú un dání ni. ₦2,000 tó ṣẹ́kù nìkan ló lè máa lọ dí ihò tí ayàwòrán gbẹ́. Ẹ fi 2,000 pín 45,000, ó jẹ́ 22 àti ààbọ̀. Kò sẹ́ni tó máa ra ààbọ̀ aṣọ, torí náà òkè lẹ máa gbé e lọ, ẹ ò ní gbé e wálẹ̀. Ní 22, ₦1,000 ṣì kù síta. Ní 23, ẹ ti fi ₦1,000 lé.

Mo ti ń ta aṣọ ẹgbẹ́ ọjọ́ ti pẹ́, ohun tí mo sì rí ni pé ìṣirò pínpín yẹn kọ́ ló ń pa èèyàn. Owó tí wọn ò kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó pín in ló ń pa wọ́n. Ẹ lọ bi ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ pé ṣé ₦700 yẹn ti kó owó sìkírìnì mọ́ ọn, ìyẹn férémù alásẹ́ tí wọ́n ń fa yíǹkì gbà kọjá sára aṣọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò kó o mọ́ ọn. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní sìkírìnì tirẹ̀, torí àwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n lè fà gba ojú sìkírìnì kan kọjá. Bí àwòrán yín bá ní àwọ̀ 2, tí wọ́n ń gba ₦5,000 lórí sìkírìnì kan, ₦10,000 nìyẹn, bóyá aṣọ 10 lẹ tẹ̀ tàbí 100. Ìdí owó ayàwòrán ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Bákan náà ni owó ọkọ̀ tí ẹ fi lọ kó aṣọ ní Balógun tí ẹ tún fi gbé e lọ sí Ṣómólú. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦6,000. Owó tó dúró sójú kan ti di ₦61,000 báyìí.

Ọ̀rá tí ẹ máa fi di aṣọ àti bébà kékeré tó máa wà lára rẹ̀ jẹ́ ₦150 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ń tẹ̀lé aṣọ ni, torí náà aṣọ kan ti di ₦4,650. Ohun tó ń ṣẹ́ kù fún yín wá di ₦1,850. Ẹ fi 1,850 pín 61,000, ẹ gbé e lọ sókè: 33. Láti 7 ti ọ̀rẹ́ yín, a ti dé 33, iye tí ẹ ń tà á ò sì yí padà.

Ó dáa tí ẹ mú aṣọ funfun. Ká ní dúdú ni ẹgbẹ́ yín fẹ́ ni, àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ kì í hàn dáadáa lórí dúdú àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ fa funfun sábẹ́ rẹ̀. Funfun yẹn fẹ́ sìkírìnì tirẹ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n fa aṣọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ìyẹn bá fi ₦5,000 kún owó ojú kan, tó sì fi ₦200 kún owó títẹ̀ aṣọ kọ̀ọ̀kan, 33 yẹn á di 40. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń pariwo pé dúdú ló ń bá ojú mu mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dìbò.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù nìyí. 33 yẹn ń sọ pé aṣọ tí ẹ bá tà nìkan lẹ ná owó lé. Àwọn tó ń tẹ̀ kì í sì í tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa kó 50 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa san owó 50 lọ́jọ́ kan náà, kí oníbàárà kankan tó fọwọ́ kan àpò. Owó tó jáde ní ọjọ́ yẹn jẹ́ 50 lọ́nà 4,650, ìyẹn ₦232,500. Ẹ fi ₦61,000 kún un, ó di ₦293,500. Tí ẹ bá ta 33, ₦214,500 ló wọlé. ₦79,000 ṣì wà níta, inú aṣọ 17 tó kù nílé ló wà.

Tó bá jẹ́ aṣọ lásán ni 17 yẹn, ẹ lè tà á lọ́la. Ṣùgbọ́n orúkọ ilé ìwé àti ọdún àpèjọ ló wà láyà rẹ̀. Tí àpèjọ bá ti parí, ta ló fẹ́ rà á? Torí náà, fún aṣọ tó ní déètì lára, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín yàtọ̀: nínú gbogbo èyí tí mo tẹ̀, mélòó ni mo gbọ́dọ̀ tà kí gbogbo owó tó jáde tó padà? Ìdáhùn rẹ̀ ni kí ẹ fi iye tí ẹ ń ta aṣọ pín gbogbo owó tó jáde. 6,500 nínú 293,500 jẹ́ 45 àti díẹ̀, ẹ gbé e lọ sókè, 46.

Ẹ rí i báyìí? Nínú 50, ẹ gbọ́dọ̀ ta 46. Aṣọ 4 péré lẹ ní láti fi ṣeré. Ọ̀kan máa lọ fún ayàwòrán pé kó fi wọ̀. Ààrẹ ẹgbẹ́ máa béèrè ọ̀fẹ́, ẹ ò sì ní lè sọ pé rárá. Ọ̀kan tàbí 2 á bàjẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, yálà àwọ̀ kejì ò jókòó síbi tó yẹ lórí àkọ́kọ́, tàbí ọwọ́ tí yíǹkì ti kàn fi àbàwọ́n sí i lára. Ẹ bi wọ́n ṣáájú pé ta ló ni owó aṣọ tó bá bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn á dá owó títẹ̀ padà, wọn ò ní dá owó aṣọ padà.

Ẹ má sì kúrò níbẹ̀ láì yẹ aṣọ tó kọ́kọ́ jáde wò. Yíǹkì plásítísọ́ọ̀lù tí púpọ̀ nínú wọn ń lò gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bíi 160°C títí dé ìsàlẹ̀ kó tó gbẹ délẹ̀délẹ̀. Tí wọ́n bá ń kánjú, ojú rẹ̀ nìkan ló máa gbẹ. Ẹ jẹ́ kí aṣọ tutù, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á níbi tí àwòrán wà. Bó bá sán, kò tíì jiná, kí wọ́n dá a padà sábẹ́ iná kí wọ́n tó fa ìyókù. Aṣọ tí àwòrán rẹ̀ ṣí kúrò lẹ́yìn ìfọ̀ kan máa padà wá bá yín, owó rẹ̀ náà á sì jáde padà.

Ìdí èyí ni mo ṣe máa ń gba owó kí n tó kó aṣọ. Ẹni tó kọ orúkọ sórí Wásáàpù kò tíì ra nǹkan kan. Ẹni tó san owó ló rà á, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì ń béèrè sáìsì. Tí ẹ bá ti rí owó èèyàn 33 gbà, ẹ tẹ 33, ẹ fi ọ̀kan tàbí 2 lé e nítorí èyí tó lè bàjẹ́. Bí owó bá wọlé ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹni tó san ò bá tó 33, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan, ẹ wá wo iye tí ẹ ń tà á.

Iye títà yẹn lágbára ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Àwọn èèyàn yín máa ní kí ẹ yọ ₦500 kúrò, ó dà bíi pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ara ₦1,850 yín ló ti ń kúrò, kì í ṣe ara ₦6,500. Ní ₦6,000, ₦1,350 ló ń ṣẹ́ kù, 33 á sì di 46. Tí ẹ bá tà á ní ₦7,500, ₦2,850 á ṣẹ́ kù, 33 á wálẹ̀ sí 22. Àwọn tó ń wọ XXL ń kọ́? Aṣọ tiwọn máa ń wọ́n sí i lọ́jà. Ẹ fi iyàtọ̀ yẹn lé owó tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń wọ M ló ń bá wọn san án.

Tí ẹ ò bá fẹ́ máa fi ọwọ́ pín in, ẹ ṣí Excel, ẹ kọ owó tó dúró sójú kan sí B1, owó tí aṣọ kan ń jẹ sí B2, iye tí ẹ ń tà á sí B3, iye tí ẹ fẹ́ tẹ̀ sí B4. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti èyí tí ẹ bá tẹ̀ bí owó ṣe ń wọlé, ti èkejì jẹ́ ti èyí tí ẹ bá tẹ̀ sílẹ̀:

```
=ROUNDUP(B1/(B3-B2),0)
=ROUNDUP((B1+B2*B4)/B3,0)
```

Bí ti èkejì bá fún yín ní iye tó ju B4 lọ, ẹ ò lè rí ojú owó yín lórí iye tí ẹ fẹ́ tẹ̀ yẹn, kódà bí gbogbo rẹ̀ tà tán.

Ohun kan ṣì kù nípa ayàwòrán, tí ẹ ò bá tíì sanwó fún un tán. Àwọn kan á gbà kí ẹ máa fún àwọn ní iye kan lórí aṣọ tó bá tà dípò owó tí ẹ máa san lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní ó gba ₦800 lórí aṣọ kan. Owó ojú kan yín á já wálẹ̀ sí ₦16,000, ohun tó ń ṣẹ́ kù lórí aṣọ kan á di ₦1,050, ẹ sì nílò 16 péré. Ibi tó ti máa dùn yín ni bí ọjà bá lọ: tí ẹ bá ti ta ju 56 lọ, ₦800 yẹn ti gba ju ₦45,000 lọ lọ́wọ́ yín. Fún ẹgbẹ́ kékeré, èmi máa gba ti ₦800. Fún àwòrán tí kò ní déètì, tí mo lè máa tẹ̀ lọ́dọọdún, màá san owó náà lẹ́ẹ̀kan, màá sì jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo ni àwòrán náà.

Kí ẹ sì ní kí wọ́n má fọ sìkírìnì yín. Wọ́n máa ń fọ̀ ọ́ láti fi ṣe iṣẹ́ ẹlòmíràn. Tó bá ṣì wà, tí ẹ padà wá tẹ irú aṣọ náà nígbà kejì, owó ọkọ̀ nìkan ló kù tí ẹ máa dí, aṣọ 4 sì ti dí i. Tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́, 9 ni.