Títú ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó

Báwo ni wọ́n ṣe ń tú ọkọ̀ òkun tó ti gbó? Asibẹ́sítọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ńkọ́, ohun tí kì í jóná tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ yẹn?

Ní Alang, ní Íńdíà, ìgbà tí òkun bá kún gan-an ni wọ́n ń wa ọkọ̀ gun etíkun. Bí omi bá fà, ó ti jókòó sórí ẹrẹ̀ nìyẹn. Epo ni wọ́n ń kọ́kọ́ fà jáde, kí iná tí wọ́n fi ń gé irin má baà mú un bú gbàù. Ara páìpù yàrá ẹ́ńjìnnì ni asibẹ́sítọ́ọ̀sì sábà máa ń wà, bí òwú tí wọ́n wé mọ́ ọn. Wọ́n á fi ọ̀rá yí ibẹ̀ ká, wọ́n á wọ́n omi sí i kó rin, kí eruku má baà gbéra, wọ́n á wá dì í sínú àpò ọ̀rá méjì. Ìbòmú aláṣọ lásán kò lè dá eruku yẹn dúró o.