Mémò tónà: ẹ mọ ibi tó ń gbà lọ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe H.M. rí, sáà yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sípò. Pírìntà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò, tónà ẹ̀ ò sì ń lò tó oṣù kan. Mo fẹ́ kọ mémò sáwọn tíṣà, kí ni kí n kọ tí ò ní dà bíi pé mò ń pè wọ́n lólè?"

Ẹ kú oríire ipò tuntun o. Ọ̀rọ̀ pírìntà yìí ló fẹ́ sọ èmi àtàwọn tíṣà mi di ọ̀tá nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí mo ti ṣe H.M. n'Íbàdàn, torí náà ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tí mo ṣe tí ò da.

Inú tó ń bí mi ni mo fi kọ mémò àkọ́kọ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tónà ni, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìwé ti ń jáde fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni fi omi kọ ọ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "àwọn kan láàárín wa" ń fi ohun èlò ilé ìwé tẹ̀wé ìsìnkú àti ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, pé látòní lọ ẹni tó bá fẹ́ tẹ ohunkóhun kó wá gbàṣẹ lọ́wọ́ mi, mo sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pírìntà gan-an. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, bí mo bá wọ ibi tí wọ́n jókòó sí, gbogbo ẹ̀ á pa lọ́lọ́. Antí kan tó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó ní "Mà, ṣé èmi lẹ ń bá wí?" Ó ti tẹ ìwé ìsìnkú ìyá ẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ewé méjì péré. Ojú tì mí.

Èyí tó wá burú jù ni pé torí wọn ò fẹ́ wá tọrọ àṣẹ, àwọn tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í fi fílááṣì gbé ìbéèrè ìdánwò lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ìta, ká tó mọ̀, ìbéèrè máàsì Praimári Fáìfù ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ kan kó tó di ọjọ́ ìdánwò. A tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yẹn náà, tónà tó tẹ̀ lé e tán lásìkò kan náà tí tàkọ́kọ́ tán. Ìgbà yẹn ni mo wá bi ara mi pé tí kì í bá ṣe ìwé ìsìnkú ló ń jẹ ẹ́, kí ló ń jẹ ẹ́?

85A ni tónà wa, ẹ̀rọ tó ń pírìntì tó sì ń ṣe fotokọ́pì. Àwọn tó ṣe é sọ pé á tẹ ìwé bí 1,600. Àwa ò tíì lo tán ríìmù méjì, ìyẹn 1,000 ewé, kí tónà tó tán, a ò tiẹ̀ tíì lọ jìnnà nínú ríìmù kejì. Mo kọ́kọ́ rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Ọmọkùnrin kan tó máa ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ló là mí lóye. Ó ní 1,600 yẹn, ìwé tí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ojú ewé ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀, bíi lẹ́tà kúkurú tẹ́ ẹ kọ sí òbí ọmọ. Ẹ fi ṣe ìṣirò: tónà tó tó tẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ 1,600, tẹ́ ẹ bá ní kó tẹ ewé tó dúdú kẹnkẹn látòkè délẹ̀, 80 péré ló máa tẹ̀. Ewé dúdú kan ń jẹ oúnjẹ ogún lẹ́tà. Látọjọ́ yẹn ni mi ò ti ka iye ewé mọ́, dúdú tó wà lójú ẹ̀ ni mò ń wò.

Nígbà tá a fi tónà tuntun sí i, mo ra ìwé èsáísì kan, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pírìntà. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ. Irú iṣẹ́ tó jẹ́ àti iye ewé nìkan ni, kí wọ́n sì sọ ẹyọ kan nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú fáìlì kan tí mo fi síbẹ̀, tó bá ti lè bà jẹ́ kí wọ́n sọ èyí tó bà jẹ́ sí i. Àwa náà ní ọ́fíìsì ń kọ tiwa, tónà yẹn sì lò títí tó fi tán. Fáìlì yẹn ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ju ìwé èsáísì lọ, torí tẹ́ ẹ bá tú gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ẹnikẹ́ni.

Èmi gan-an ni ọ̀daràn àkọ́kọ́. Nígbà tí mo dé ilé ìwé yẹn, mo ní kí taipíìsì fi báàjì ilé ìwé ràgàjì sẹ́yìn gbogbo ìbéèrè ìdánwò, tó máa hàn bíi eérú lábẹ́ ọ̀rọ̀, kó lè níyì. Ó níyì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí tónà aláwọ̀ eérú nínú ẹ̀rọ yẹn o, dúdú kan náà ló ń wọ́n tó-tò-tó tí ojú wa fi ń rí i bí eérú. Tí báàjì bá gba ìdajì ojú ewé, tí tó-tò-tó yẹn sì bo ìdá kan nínú mẹ́wàá ibẹ̀, iye tónà tó jẹ yẹn ti tó ti lẹ́tà kan lódindi. Ìbéèrè bíi 250 tá a tẹ̀, tónà lẹ́tà 500 ló jẹ.

Èkejì ló pọ̀ jù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa torí mo mọ̀ pé ó wà lọ́dọ̀ yín náà. Àwọn tíṣà máa ń ṣe kọ́pì ojú ewé wọ́kùbúùkù fáwọn ọmọ tí òbí wọn ò tíì ra ìwé. (Pé ká máa ṣe kọ́pì ìwé onímọ̀ ẹlòmíì, ọ̀rọ̀ mìíì nìyẹn, mo ti bá wọn sọ ọ́ lọ́tọ̀.) Ìwé yẹn kéré sí A4, ó sì nípọn, ìdérí ẹ̀rọ ò lè pa dé lórí ẹ̀, ni wọ́n á bá ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Gbogbo ibi tí ìwé ò dé lórí gíláàsì, ẹ̀rọ ò rí nǹkan funfun níbẹ̀, dúdú ló máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ mú kọ́pì bẹ́ẹ̀ dání, ẹ máa rí bẹ́líìtì dúdú yí etí ẹ̀ ká, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á tónà lè máa kun ọwọ́ yín. Tí bẹ́líìtì yẹn bá gba ìdá kan nínú márùn-ún ojú ewé, tónà lẹ́tà mẹ́rin ló wà létí ìwé lásán tí ọmọ kankan ò ní kà, ẹ wá fi ọ̀rọ̀ àárín kún un, márùn-ún. Kíláàsì ọlọ́mọ 40 kan, ẹ ti lo tónà lẹ́tà 200 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kọ́pì bẹ́ẹ̀ tó bíi 200 nínú ìwé èsáísì wa, ìyẹn nìkan ti jẹ 1,000 nínú 1,600. Ìṣirò ojú lásán ni o, ṣùgbọ́n ẹ fi 500 ti báàjì kún un kẹ́ ẹ rí ohun tó kù.

Ìwé ìsìnkú, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, asáínmẹ́ǹtì ọmọ tíṣà, gbogbo ẹ̀ pátá jẹ́ ewé 26. Ewé 26 ni mo torí ẹ̀ kọ mémò ìbínú.

Oògùn bẹ́líìtì dúdú ò le. Ẹ kọ́kọ́ fi A4 funfun kan bo ẹ̀yìn ìwé náà lórí gíláàsì kó bo gbogbo ibi tó ṣẹ́ kù, kẹ́ ẹ tó rọra gbé ìdérí lé e. Tí ìwé bá nípọn débi pé etí ṣì ń dúdú, ẹ ṣe ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé dúdú yẹn kúrò, ẹ lẹ èyí tó kù mọ́ bébà funfun, ìyẹn ni ẹ máa fi ṣe ogójì.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kẹ́ ẹ kàn lọ tẹ EconoMode ní Printing preferences kó tán síbẹ̀. A ṣe é. Ó ń dín tónà kù lóòótọ́, ó dáa fún nóòtì tíṣà àti ìwé tá a fẹ́ yẹ̀ wò fún àṣìṣe. Àmọ́ nígbà tó kan ìdánwò Yorùbá, a fi EconoMode tẹ ojúlówó, a wá fi fotokọ́pì sọ ọ́ di púpọ̀, ni àmì ohùn àti ẹ̀sẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í poora. Wọ́n ní káwọn ọmọ fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, oko oko oko ni gbogbo ẹ̀ rí lójú ìwé. Tíṣà Yorùbá fẹ́ẹ̀ sunkún. Nítorí náà ojúlówó tá a máa fi ṣe kọ́pì, a kì í fi tónà ẹ̀ ṣahun.

Mémò kejì rèé, ẹ lè mú un kẹ́ ẹ yí i síbi tó bá yín mu:

"Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo tọrọ àforíjì lórí mémò tó ṣáájú. A ti ṣírò tónà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló bá báàjì tí èmi ní kí wọ́n fi sẹ́yìn ìbéèrè lọ, mo ti ní kí wọ́n yọ ọ́. Èyí tó pọ̀ jù ni etí dúdú tó ń yọ tá a bá ṣí ìdérí sílẹ̀ ṣe kọ́pì ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi A4 funfun bò ó, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ tẹ ẹyọ kan, ẹ kà á, kẹ́ ẹ tó tẹ ìyókù. Ìbéèrè ìdánwò ò gbọ́dọ̀ jáde lọ síta, ilé ìwé ni ká ti tẹ̀ ẹ́, ẹ fún taipíìsì ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ lè tẹ ti ara yín tí kò bá ju ewé márùn-ún lọ, tó bá jù bẹ́ẹ̀ ẹ san iye tí wọ́n ń gbà níta sínú àgolo. Tí ìwé bá ń jáde fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú kan, ẹ má yọ tónà fúnra yín, ẹ pe taipíìsì."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn nídìí. Tíṣà kan ti yọ ọ́ rí, ó gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọn ìgò oògùn ọmọdé, ó dà sára bùláòsì ẹ̀, ó tún fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó gan mọ́ ọn títí láé. Tí ìwé bá ń jáde tí ẹ̀gbẹ́ kan rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ńṣe lẹ̀yin tàbí taipíìsì máa yọ ọ́, kẹ́ ẹ dì í mú lọ́gbọọrọ, kẹ́ ẹ rọra fì í sọ́tùn-ún sósì bí ìgbà márùn-ún, kẹ́ ẹ sì dá a padà kíá kí ìmọ́lẹ̀ má pẹ́ lójú róòlù inú ẹ̀. Á ṣì tẹ ìwé díẹ̀ sí i. Tó bá dà, aṣọ gbígbẹ lẹ fi máa nù ún kúrò, tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ fọ̀ ọ́, omi tútù ni.

Tónà tó tẹ̀ lé mémò kejì, a fi lò gbogbo sáà yẹn títí tá a fi tẹ ríṣọ́ọ̀tì, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tá a wọlé padà. Báàjì nìkan ni àwọn òbí kan bi mí pé kí ló dé tá a yọ ọ́. Mo ti wá fi kékeré kan sígun òkè lápá òsì, kò ju owó náírà onírin lọ.