Síví nọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Íńgílándì: níbo ló ti ń bàjẹ́?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ṣàgámù níbí, mo ní RN ti nọ́ọ̀sì àti RM ti agbẹ̀bí, ọdún márùn-ún rèé tí mo ti wà ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ àwọn obìnrin. Mo ti yege CBT, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń béèrè ní Íńgílándì. Ojú ewé mẹ́rin ni síví mi, ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣábó ló bá mi ṣe é. Mo ti fi ránṣẹ́ síbi mọ́kànlá, ẹnì kan ò dá mi lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kò dáa níbẹ̀?

Ìdáhùn: Fọ́tò tó wà lókè yẹn ni kó o kọ́kọ́ yọ, kó o yọ ọjọ́ ìbí, ìlú abínibí, ẹ̀sìn, iye ọmọ, àti ibi tó o ti sọ pé o fẹ́ràn orin. Òfin Íńgílándì níbí tí mo wà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ orí tàbí ẹ̀sìn yan òṣìṣẹ́, nítorí náà ẹni tó ń ka síví ẹ ò tiẹ̀ fẹ́ rí wọn. Yọ èsì Wáẹ́ẹ̀kì náà. Ojú ewé méjì tó. Ìyẹn ò le, ọmọ ilé ìtẹ̀wé yẹn gan-an lè ṣe é.

Ibi tó le ni ohun tó o kọ nípa iṣẹ́ ẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì: «Mo ń fún aláìsàn lóògùn, mo ń wẹ egbò, mo ń tẹ́ ibùsùn, àti gbogbo iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n bá yàn fún mi.» Ọdún márùn-ún lo kó sínú ìlà kan! Nọ́ọ̀sì tó jáde ilé ìwé lánàá náà lè kọ ọ́. Àwa tá a ń yan èèyàn, ìwé kan wà níwájú wa tó to ohun tí ipò yẹn ń béèrè sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń fún síví ní máàkì lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ohun tá ò bá rí kà, kò sí máàkì fún un, bó o tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe lójú oorun.

Nígbà tá a sọ̀rọ̀ lórí wásáàpù, mo bi ọ́ pé ibùsùn mélòó, o ní 28. Mo ní nọ́ọ̀sì mélòó lálẹ́, o ní ẹ̀yin méjì pẹ̀lú wọ́ọ̀dù mẹ́ẹ̀dì kan. O wá sọ ti obìnrin tí wọ́n yọ fáíbírọ́ìdì fún, tí ìwọ ń wo ìfúnpá ẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó bọ́ sí 90 lókè, ọkàn ẹ̀ ń lù lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélọ́gọ́fà ní ìṣẹ́jú kan, ó ń mí lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélógún, o fi ọ́síjìn sí i, o ki kánúlà kejì, o ṣí dírípù, o pe dókítà, ẹ fi ẹ̀jẹ̀ sí i lára kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ló dé tí ìyẹn ò sí nínú síví? O ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ṣàgámù. Ó dáa, ṣé ẹni tó wà ní Íńgílándì mọ Ṣàgámù ni?

Wò ó báyìí. Níbí, ọ̀pọ̀ jù lọ wọ́ọ̀dù àgbàlagbà ló ń lo NEWS2, ìyẹn máàkì tá a ń fún mímí, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá, lílù ọkàn, gbígbóná ara, àti bóyá ojú aláìsàn ṣì dá. Ìfúnpá 90 jẹ́ máàkì 3, ọkàn tó ń lù ní 124 jẹ́ 2, mímí 24 jẹ́ 2. Méje nìyẹn, a ò tíì kan ìyókù o, ibi tó bá sì ti tó 7, kíá la máa pe àwọn dókítà pàjáwìrì. Iṣẹ́ tí wọ́n ń wá gan-an lo ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àmọ́ o ò sọ ọ́ ní èdè tí wọ́n ń gbọ́. Má wá lọ kọ pé NEWS2 lẹ ń lò ní wọ́ọ̀dù yín o, torí wọ́n máa bi ọ́ ní intáfíù. Ohun tó o ṣe ni kó o kọ.

Tèmi á kà báyìí, kó o wá fi èèbó kọ ọ́: «Wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ obìnrin, ibùsùn 28, nọ́ọ̀sì méjì lálẹ́. Mo ń tọ́jú aláìsàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì àti apẹ́ńdíìsì. Mo ń wo ìfúnpá, lílù ọkàn àti mímí ní ìṣẹ́jú 15 sí ara wọn ní wákàtí àkọ́kọ́, mo sì ń tètè pe dókítà tí wọ́n bá ń yí padà. Mo ń ki kánúlà àti kátítà, mo ń fa ẹ̀jẹ̀ sára pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kejì tó ń bá mi yẹ orúkọ àti àpò ẹ̀jẹ̀ wò.» Kátítà ọkùnrin, tó ò bá ti ṣe é rí, yọ ọ́ kúrò.

Ohun kékeré kan tún wà. O kọ pé o tọ́jú aláìsàn tí PCV ẹ̀ jẹ́ 21. Níbí, Hb là ń fi wọn ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, gíráàmù nínú lítà. Pín PCV sí mẹ́ta, kó o fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀: 21 á di nǹkan bíi 70. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á rí i kíá pé ẹ̀jẹ̀ obìnrin yẹn kéré gan-an.

Ó ku láísẹ́ǹsì. Má kọ «Nọ́ọ̀sì» lásán sókè síví bí ẹni tó ti wọ ìwé NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbí. Kọ «nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dọ̀ NMCN», nọ́ńbà ẹ àti ọjọ́ tí láísẹ́ǹsì ọlọ́dún mẹ́ta yẹn á parí. Lábẹ́ ẹ̀: CBT, Part A àti Part B, oṣù àti ọdún tó o yege. OSCE, ìdánwò àfọwọ́ṣe, o ò tíì ṣe é, ibí ni wọ́n ti ń ṣe é, gbogbo wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, sọ ọ́ láìtijú. Tó bá jẹ́ IELTS lo fi ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, kọ máàkì kọ̀ọ̀kan, torí 7 ni wọ́n ń béèrè nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, 6.5 nínú kíkọ. RM ẹ, fi sí ẹ̀kọ́ tó o kà, ṣùgbọ́n má rò pé ó ti sọ ẹ́ di agbẹ̀bí níbí. Ojú ìwé àwọn agbẹ̀bí lọ́tọ̀, ìdánwò ẹ̀ náà lọ́tọ̀.

Ẹni tó bá sọ fún ẹ pé ilé ìwòsàn ìjọba ibí rán òun wá ṣa nọ́ọ̀sì ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, má fún un lówó o. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìlànà ìjọba ibí ní kí wọ́n má lọ ṣa nọ́ọ̀sì, àmọ́ ìwọ fúnra ẹ lè kọ̀wé sí wọn, kò sẹ́ni tó máa dá ẹ dúró.

Èyí tó kẹ́yìn, ó dun èmi gan-an. Ilé ìwòsàn àdáni kan ní Ìjẹ̀bú Òde ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kọ pé oṣù kẹta ni mo dé ibẹ̀, mátírọ́ọ̀nù mi kọ oṣù karùn-ún torí ìgbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san owó oṣù mi. Oṣù méjì yẹn dá mi dúró fún bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, mo ń kọ lẹ́tà, mo ń pè wọ́n, wọ́n ní ọ̀gá ò sí nílé. Kí o tó fi síví lọ ibì kankan, jókòó pẹ̀lú mátírọ́ọ̀nù ẹ, kí ẹ jọ fẹnu kò lórí ọjọ́, kó o tún béèrè bóyá ilé ìwòsàn yín ní ímeèlì tirẹ̀. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ti yahoo.