Ìpolówó ilé ìwòran bọ́ọ̀lù láìlo orúkọ ìdíje

Ìbéèrè: Mo ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù àti ìsọ̀ jẹ́sì ní Òṣogbo. Kí ni mo lè kọ sára bánà mi nígbà ìdíje World Cup tí mi ò fi ní tẹ òfin lójú?

Ìdáhùn: Ẹ lè kọ ọjọ́, aago, ohun tí ẹ ń tà àti orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ẹ fi orúkọ ìdíje, àmì rẹ̀ àti àwòrán ife rẹ̀ sílẹ̀. FIFA ti forúkọ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì òwò, ẹni tó bá sì fi wọ́n polówó ń fara hàn bí onígbọ̀wọ́ ìdíje náà. Kíkọ ọ́ ní "Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù" kò yọ yín, nítorí òfin àmì òwò Nàìjíríà kan ohun tó jọ àmì náà débi tó lè tan oníbàárà jẹ.

Ká ní ẹ ti kọ "Ilé Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù Ọláìyá", ẹ sọ ọ́ di: "Bọ́ọ̀lù dé! Gánà kojú Bràsíl, aago mẹ́jọ alẹ́, ní Ọláìyá. Ra jẹ́sì kan, gba omi tútù kan." Bọ́ọ̀lù lásán àti àwọ̀ àsíá tó fún ọ̀ṣọ́, àwòrán agbábọ́ọ̀lù gba ìyọ̀ǹda tirẹ̀.

Pé ọ̀rọ̀ bánà yín mọ́ kò fún yín láṣẹ láti gba owó ẹnu ọ̀nà o: FIFA ka ìyẹn sí ìwòran fún èrè, tó nílò ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀.